Àyẹ̀wò táàgì kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti táàgì yín

Lánàá ní Sábó, nínú Ìkòròdú níbí, oníbàárà mi kan tún sọ ọ́: "Èmi ti tan àyẹ̀wò táàgì ní tèmi o. Kò sẹ́ni tó lè táàgì mi àfi tí mo bá fọwọ́ sí i." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lórí Fesibúùkù, ẹ wọ Settings, kí ẹ tẹ Profile and tagging. Ẹ máa rí i níbẹ̀: "Review posts you're tagged in before the post appears on your profile?" Prófáìlì tiyín nìkan ló ń sọ. Kò kan prófáìlì ẹni tó táàgì yín.

Ojú mi ti rí i. Ẹnì kan tí mo gbà lọ́rẹ̀ẹ́ gbé ìpolówó òwò sọ-owó-di-méjì síta, ó sì táàgì ogójì ènìyàn mọ́ ọn. Bọ́tìnnì mi wà ní títàn. Mi ò tíì ṣí fóònù tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi pè mí láti Ẹ̀bútè: "Ṣé ìwọ náà ti wọ òwò yẹn ni?" Orúkọ mi ló rí.

Èmi àti àbúrò mi bá dán an wò. Ó ya àwòrán ẹja yíyan, ó gbé e síta fún gbogbo ayé, ó sì táàgì mi. Prófáìlì mi mọ́ tónítóní. Ìkìlọ̀ kàn wá pé kí n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò fọwọ́ kàn án. A gba fóònù màmá wa, a ṣí prófáìlì àbúrò mi: orúkọ mi rèé lókè àwòrán. Mo tẹ orúkọ náà, ó gbé mi dé ojúlé ara mi.

Wọ́n á ní ṣebí ìkìlọ̀ náà ní kí àwọn fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, kó tó lè hàn lára prófáìlì yín. Ibẹ̀ náà ló mọ.

Mo gbà pé Ínsítágíráàmù ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má táàgì yín rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni bọ́tìnnì tí ẹ fi ń fọwọ́ sí táàgì.

Tí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ yín kúrò, inú àtẹ̀jáde yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ yan Remove tag. Àtẹ̀jáde náà ò ní parẹ́ o. Ẹni tó gbé e síta ló lè pa á rẹ́, bí kò bá sì gbọ́, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Fesibúùkù. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó tún táàgì yín mọ́, ẹ bùlọ́ọ̀kì rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mo yọ táàgì, mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n tún ibẹ̀ wò. Wọ́n ní ìpolówó ṣì wà, orúkọ tèmi nìkan ni àwọn ò rí mọ́. Mọ́kàndínlógójì tó kù ṣì wà níbẹ̀.