Ẹnu dùn ún ròfọ́

Àwọn àgbà ní ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Ẹni tó ń fẹnu rofọ́ kò dáná, kò fọ ìkòkò. Ẹni tó ń fọwọ́ lásán ṣánko, koríko kan kò ṣubú. Irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ ni "a óò máa gbúròó ara wa" tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra níbi ìpàdé iṣẹ́ fi ń pínyà. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ pe èkejì, kò dá ọjọ́, kò sọ ohun tí wọn yóò bá ara wọn sọ. Kálukú á máa retí èkejì, títí ojú á fi máa ti àwọn méjèèjì láti pè.

Ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu. Bí ẹnìkejì bá ti ń wo ẹ̀yìn yín, tàbí tó tún bi yín ní ohun tí ẹ ti dáhùn, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn lọ́wọ́ ni kí ẹ ti dágbére.

Ẹ jẹ́ ká mú ayàwòrán ìwé ọmọdé kan tó ti bá olùtẹ̀wé sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Olùtẹ̀wé ní àwòrán ẹranko ló ń wọ́n òun jù. Ibẹ̀ gan-an ni ayàwòrán yóò gbá mú: "Ohun tí ẹ sọ nípa àwòrán ẹranko yẹn wọ̀ mí létí gan-an. Mi ò ní dá yín dúró mọ́. Ṣé kí n fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín ní Ọjọ́bọ̀, ká wá sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e? Àbí ọjọ́ mìíràn ló rọ̀ yín lọ́rùn?" Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló gbé e ró, nítorí ẹnì kan kì í dá àdéhùn ṣe. Bí olùtẹ̀wé bá ní, "Ẹ jẹ́ ó di Ọjọ́rú, aago 10 àárọ̀," àmì rere ni: ẹni tó ń yí ọjọ́ padà ti gbà.

Ẹni tó ní "kò burú, ẹ fi ránṣẹ́ náà" tí kò dárúkọ ọjọ́ kankan ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ojú ló ń tì í láti kọ̀. Ẹ má fà á. Ẹ dín in kù: "Màá fi àwòrán ránṣẹ́, bí wọ́n bá wù yín, ẹ fèsì." (Àwọn kan ń bèèrè ìpàdé wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò tíì mọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ẹrù yẹn pọ̀ jù.)

Kí ẹ tó yà, ẹ gba nọ́ńbà ẹnìkejì, kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lójú rẹ̀, kó dún nínú fóònù rẹ̀, torí nọ́ńbà tí a gbọ́ láàárín ariwo máa ń ṣì. Ẹ kọ orúkọ yín àti àdéhùn sí i: "Àwòrán 3, Ọjọ́bọ̀. Fóònù, Ọjọ́rú, aago 10 àárọ̀." Lẹ́yìn náà ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì lọ lóòótọ́. Bí ẹ bá tún dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ lórí ìdúró, òun ni ẹnìkejì yóò gbé lọ sílé, Ọjọ́rú á sì fò ó.