Ta ló sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni sókàwéè gbọ́dọ̀ wà?

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ pé níbo ni sókàwéè ẹ̀ máa wà, kò tiẹ̀ ní ronú kó tó dá yín lóhùn: "Ẹ̀yìnkùlé ni, níbo tún ni?" Lánlọ́ọ̀dù gbà bẹ́ẹ̀, bíríkìlà gbà bẹ́ẹ̀, kódà àwọn míì tó ń ya pùláànì, wọ́n á ti ya ilé tán, wọ́n á wá fi àmì rọ́bọ́tọ́ kan àti onígun mẹ́rin kan sí ẹ̀yìn ilé, ó parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó ń sọ ibi tó yẹ kó wà ni ibi tí ilẹ̀ yín dagẹ̀rẹ̀ sí, ibi tí kànga tàbí bohóòlù wà, àti ibi táwọn bálùwẹ̀ wà nínú ilé. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn lóòótọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́, ó sì lè jẹ́ iwájú nítòsí géètì níbẹ̀ yẹn, kò sì sóhun tó máa ṣe.

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá o. Ayé ṣáláńgá ni. Ṣáláńgá ń rùn, eṣinṣin kún ibẹ̀, ojú sì ń tini kí àlejò rí i, torí náà ìpẹ̀kun ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà yẹn, torí èèyàn ló ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀, kò sí páìpù kankan láàárín. Ní báyìí èèyàn jókòó sínú ilé, ìgbẹ́ ló ń rìn, kò sì sí nǹkan tó ń gbé e ju omi tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ lọ. Gbogbo mítà tẹ́ ẹ bá fi kún ọ̀nà yẹn, ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbẹ́ jinlẹ̀ sí i nìyẹn.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Páìpù ínǹṣì 4 tó ń gbé ìgbẹ́ jáde, 1 nínú 40 ni ọ̀pọ̀ púlọ́mbà tó mọṣẹ́ máa ń fi dagẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ni pé tó bá rin mítà 1 á ti wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5. Tó bá rin mítà 10, ó ti wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25. Tó bá rin mítà 20, sẹ̀ǹtímítà 50 nìyẹn. Tí ilẹ̀ bá tẹ́jú ẹ ṣì lè fara dà á, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá tún ń gòkè síbi tí páìpù ń lọ, ẹ ti wọ wàhálà, torí páìpù ń wálẹ̀, ilẹ̀ ń gòkè, àárín àwọn méjèèjì ń fẹ̀ sí i ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ká fi ṣe é. Pulọ́ọ̀tì kan n'Ìbàdàn, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, ó gùn ní 120, ìyẹn bíi mítà 18 àti mítà 36, ẹ sì mọ bí ilẹ̀ Ìbàdàn ṣe ń rí, kì í tẹ́jú. Títì wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wà lókè, ilẹ̀ yẹn fi sẹ̀ǹtímítà 90 ga lẹ́yìn ju ti iwájú lọ. Ẹni tó nilẹ̀ fẹ́ búńgálò oníyàrá mẹ́rin, ilé náà fẹ̀ ní mítà 12, ó gùn wọnú ní mítà 16. Pùláànì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò wà níwájú lápá ọ̀tún nítòsí pálọ̀, bálùwẹ̀ bàbá wà níwájú lápá òsì, méjì tó kù fọ́n káàkiri sẹ́yìn, ọ̀kan tiẹ̀ wà láàárín gbùngbùn ilé níbi tí kò kan ògiri ìta kankan. Sẹ́pitíìkì tó ń gba ìgbẹ́ àti sókàwéè tó ń mu omi tó bá jáde níbẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, kànga náà wà lẹ́yìnkùlé. Gbogbo ayé ló ń yà á báyìí.

Ẹ wá tẹ̀lé páìpù tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò yẹn. Ó jáde sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó yí igun, ó dé sẹ́pitíìkì, gbogbo ẹ̀ á tó mítà 20. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 30 ló fi wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 50 ti dídagẹ̀rẹ̀ kún un. Ẹ tún fi nǹkan bíi 40 tí ilẹ̀ fi gòkè láàárín ibẹ̀ kún un. Àpapọ̀ ẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà 120, ìyẹn ni pé páìpù tó ń wọ sẹ́pitíìkì ti fi mítà kan lé díẹ̀ wọlẹ̀ kó tó débẹ̀. Abẹ́ páìpù yẹn ni omi inú táǹkì ti ń bẹ̀rẹ̀ o, ẹ fẹ́ kí omi yẹn jìn tó bíi mítà kan àbọ̀ kí ìdọ̀tí lè ráyè rọlẹ̀, ẹ ti ń sún mọ́ mítà 3 nìyẹn kẹ́ ẹ tó ka kọnkéré ìsàlẹ̀. Sókàwéè tún máa lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí páìpù tó ń jáde ní táǹkì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ. Owó agbẹ́lẹ̀, owó bùlọ́ọ̀kù, owó irin, kò sí èyí tí ò ní lé sí i, ìyẹn tí wọn ò bá tíì bá àpáta pàdé o.

Ibi tó ti wá ń bàjẹ́ nìyí: àwọn òṣìṣẹ́ ò ní gbẹ́ ẹ jìn tó bẹ́ẹ̀. Tó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á gbé táǹkì sókè díẹ̀, púlọ́mbà á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ páìpù gbọọrọ kó lè bá ẹnu táǹkì mu, wọ́n á da yèpẹ̀ bò ó, ẹ ò ní mọ̀. Nígbà tó bá tó oṣù mélòó kan ẹ ó ti máa fi ọ̀pá gún páìpù. Ẹ lè dá a mọ̀ ṣá: ẹ ṣí mánhóòlù, kí ẹnì kan fi omi ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tí omi bá kọjá tán tó ṣì kù jọọrọ nínú kòtò ìsàlẹ̀ ẹ̀ tí kò lọ, páìpù yẹn ò dagẹ̀rẹ̀ tó. Tó bá jẹ́ pé mánhóòlù tó sún mọ́ ilé ló kún, tí èyí tó tẹ̀ lé e gbẹ, àárín méjèèjì ló dí. Tó bá sì jẹ́ pé gbogbo wọn ló kún títí dé táǹkì, ẹ má wulẹ̀ fìyà jẹ páìpù, sókàwéè ni kò mu omi mọ́ tàbí kí páìpù tó lọ síbẹ̀ ti dí.

Ilé kan náà, ẹ jẹ́ ká tún un yà. A ò fi kún yàrá, a ò yọ yàrá. Gbogbo bálùwẹ̀ la kó sí apá òsì, méjì-méjì, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, ògiri kan ló wà láàárín méjì, ògiri ìta ló sì kan gbogbo wọn. Ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì la gbé sún mọ́ ògiri ìta yẹn jù, torí òun ni páìpù ẹ̀ tóbi jù tó sì ń gbé ìdọ̀tí tó wúwo, básínì àti ṣáwà lè jìnnà díẹ̀ sí i. Ilé ìdáná náà la fà sí apá yẹn. Kò wá sí páìpù ìgbẹ́ kankan tó ń gba abẹ́ yàrá lọ mọ́, tó bá dí lọ́jọ́ kan, ìta lẹ máa dúró sí tún un ṣe, ẹ ò ní fọ́ táìlì. Ẹ bi àwọn tí bálùwẹ̀ wọn wà láàárín ilé, wọ́n á sọ tẹnu wọn. (Tó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bálùwẹ̀ òkè gbọ́dọ̀ jókòó sórí bálùwẹ̀ ìsàlẹ̀, kí páìpù já sílẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ sórí ibi ìjẹun, ẹ kú àfaradà o.)

Páìpù kan ṣoṣo ló wá ń gba ẹ̀gbẹ́ òsì lọ, mánhóòlù wà níbi tí bálùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti já sí i àti níbi tó bá ti yí. Iwájú ló ń lọ, ó ń tẹ̀ lé ilẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ilẹ̀ yẹn fi sẹ̀ǹtímítà 90 wálẹ̀ nínú mítà 36, sẹ̀ǹtímítà 2.5 nìyẹn fún mítà kan, 1 nínú 40 gangan! Ohun tí páìpù nílò nìyẹn, ilẹ̀ ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ibi 30 yẹn náà lá wà títí dé táǹkì níwájú lápá òsì. Ẹ ti yọ sẹ̀ǹtímítà 90 kúrò nínú jíjìn kòtò, láìná kọ́bọ̀ kan lé e.

Ọ̀rọ̀ kànga ńkọ́? Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kí sókàwéè jìnnà sí kànga ní mítà 30, ẹsẹ̀ bàtà 100. Nínú pùláànì àkọ́kọ́ tí méjèèjì jọ wà lẹ́yìnkùlé, kò lè tó bẹ́ẹ̀ láéláé, pulọ́ọ̀tì yẹn gan-an ò fẹ̀ ju mítà 18 lọ. Ní báyìí tí kànga wà ní igun ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, tí sókàwéè wà ní igun iwájú lósì, ó ti lé ní 30 díẹ̀, kànga ló sì wà lókè. Nínú pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, àfi kẹ́ ẹ lo igun sí igun bẹ́ẹ̀ kó tó ṣeé ṣe. Àmọ́ kànga aládùúgbò náà kànga ni o, fẹ́ńsì ò dí omi abẹ́ ilẹ̀ lọ́nà, ẹ lọ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fi àmì sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, òórùn ńkọ́, àlejò á máa wọlé ká máa rùn sí i?" Sẹ́pitíìkì tí wọ́n bo dáadáa, tó ní páìpù atẹ́gùn tó ga kọjá òrùlé, kì í rùn sí ẹnikẹ́ni. Òórùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, inú ilé gan-an ló ti ń wá, láti ihò ilẹ̀ bálùwẹ̀ tẹ́nì kan ò lò, tí omi inú ọrùn páìpù ẹ̀ ti gbẹ tán. Ẹ da korobá omi kan síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ilé míì wà tí sókàwéè ẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá tó ṣì ń rùn nítorí ìyẹn.

Àǹfààní míì tí iwájú ní ni ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Ilé tó fi ọ̀nà tóóró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọkọ̀ yẹn ò lè wọ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á na rọ́bà láti géètì gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ, bó bá sì ṣe gùn tó tí táǹkì tún jinlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń nira fún ẹ́ńjìnnì láti fà á.

Mi ò wá sọ pé kí gbogbo yín gbé e síwájú o. Tí ilẹ̀ yín bá dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀yìn ló yẹ kó wà, kí bálùwẹ̀ náà sún mọ́ ẹ̀yìn. Tó bá wà níwájú, kó má sí lójú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà, sílábù lásán ò lè gbé mọ́tò, á já sínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ní mítà 3 ó kéré tán, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pùláànì ládùúgbò yín bóyá wọ́n ní iye tiwọn. Níbi tó bá rẹlẹ̀ báyìí, ẹ gbé ìdérí ga ju ilẹ̀ lọ, ẹ má sì jẹ́ kí omi òrùlé wọ sókàwéè, kí òjò má bàa kún un ṣáájú yín. Àwọn ará Ajah àti Lẹ́kì, tiyín yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀ báyìí, omi ti yọ, sókàwéè tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ wà nínú omi ò lè mu omi kankan. Páìpù kúkúrú ló sì ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, torí ẹ ò ní ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi ṣòfò.

Ẹni tí pùláànì ẹ̀ bá wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, tí wọn ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ fi okùn àti omi inú rọ́bà wọn bí ilẹ̀ yín ṣe ga sí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ iye ẹ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan lórí pùláànì yẹn, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n ya bálùwẹ̀ kankan sí i.