Kì í ṣe gbogbo `find` ló ń yá

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa tó ń kọ kóòdù gbà gbọ́ ni pé, bí a bá ti ń gé ọ̀nà kúrú tí a sì ń fi ipò da agbo pọ̀ nínú union-find, níbi tí `union` ti ń da agbo méjì pọ̀, tí `find` sì ń gòkè láti òbí dé òbí títí yóò fi kan olórí agbo, `find` kọ̀ọ̀kan kò ní ju ìṣísẹ̀ kan sí mẹ́rin lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín kà á.

Ẹ mú ọmọ mẹ́jọ, 1 dé 8. Kálukú ni olórí ara rẹ̀, ipò gbogbo wọn sì jẹ́ 0. Bí agbo méjì bá dàpọ̀, olórí tí ipò rẹ̀ kéré á lọ sábẹ́ èkejì. Bí ipò wọn bá dọ́gba, kí nọ́ńbà tó kéré máa ṣe olórí, kí ipò rẹ̀ sì fi 1 lé sí i. Ẹ da 1 pọ̀ mọ́ 2, 3 mọ́ 4, 5 mọ́ 6, 7 mọ́ 8; lẹ́yìn náà 1 mọ́ 3, 5 mọ́ 7; kí ẹ wá da 1 mọ́ 5. Ipò 1 ti di 3.

Ẹ wá pe `find(8)`. Láti 8 a dé 7, láti 7 a dé 5, láti 5 a dé 1: ìṣísẹ̀ 3. Olórí kankan kò lè dé ipò k láìní ọmọ 2^k, ó kéré tán, nínú agbo rẹ̀. Nítorí náà, láàárín mílíọ̀nù kan ọmọ, ìbéèrè kan ṣoṣo lè gba ìṣísẹ̀ 19.

```
def find(x):
    if parent[x] != x:
        parent[x] = find(parent[x])
    return parent[x]
```

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìbéèrè yẹn fi sílẹ̀: 7 àti 8 ti wà lábẹ́ 1 tààrà. Bí a bá tún pe `find(8)`, ìṣísẹ̀ 1 ni. (Ipò 1 ṣì jẹ́ 3, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tó gùn jù kò ju 2 lọ mọ́, ìdí nìyẹn tí a kò fi pè é ní gíga igi.)

Níbí ni àṣírí iye owó rẹ̀ wà. Nígbàkigbà tí gígé ọ̀nà bá fún ọmọ kan ní òbí tuntun, ipò òbí tuntun náà ga ju ti àtijọ́ lọ. Ipò gíga sì ṣọ̀wọ́n: nínú ọmọ n, àwọn tó lè dé ipò k kò lè ju n/2^k lọ. Ọ̀nà gígùn kò lè máa tún ara rẹ̀ ṣe títí. Ẹni tó rìn ín ti ná owó fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1975, Robert Tarjan fi hàn pé àpapọ̀ iye owó iṣẹ́ m, tí m kò bá kéré sí n, wà ní ìwọ̀n m × α(n). Ìṣirò Ackermann ń ga sókè kọjá òye. α yìí ni a fi ń rìn ín padà, kò sì ju 4 lọ fún iye ọmọ èyíkéyìí tí kọ̀ǹpútà lè gbà. Ní 1989, Fredman àti Saks fi hàn pé kò sí ọgbọ́n mìíràn tó lè mú àpapọ̀ náà lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpapọ̀ ni ìlérí náà wà fún. Ibi tó ti ń dáni lóró ni inú kóòdù tó ní láti yí ìdàpọ̀ padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá pe `find(8)`, tí ẹ sì dá gbogbo òbí padà sí bí wọ́n ṣe wà, ìṣísẹ̀ 3 náà ni ẹ ó tún san, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbẹ̀, ẹ yọ gígé ọ̀nà kúrò, kí ẹ fi ìdàpọ̀ nípa ipò nìkan ṣe é: `find` kankan kò ní ju log₂ n lọ, `union` kọ̀ọ̀kan kò sì ní yí ju òbí kan àti ipò kan lọ, èyí tó rọrùn láti dá padà.