Àmì ohùn nìkan kọ́ ló ya ebi, ẹbí àti ẹ̀bi sọ́tọ̀

Ó ti di àṣà lórí ayélujára: ẹnì kan á kọ “ebi” sílẹ̀, á ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, pé bí a bá ti ń yí àmì orí rẹ̀ padà ló ń di ẹbí, tó ń di ebi tí í pani, tó sì tún ń di ẹ̀bi tí wọ́n ń dì ru ara wọn. Àwọn tó ń kọ́ àjèjì lédè wa fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí bí nǹkan míì. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ìdajì rẹ̀ nìkan ló jóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti iwájú ọ̀rọ̀ náà wò ó. Ebi tí í pani fi “e” bẹ̀rẹ̀, bíi ti ewé àti ejò. “Ẹ” ni ẹbí àti ẹ̀bi fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti ẹja àti ẹran. Àmì tó wà lábẹ́ “ẹ” kì í ṣe àmì ohùn rárá. Kò ní kéèyàn gbé ohùn sókè, kò sì ní kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ẹnu ṣe máa là ló ń sọ: pe “e”, kí o wá pe “ẹ” tẹ̀ lé e láì yí ohùn padà, wàá rí i pé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ahọ́n náà ń bá a lọ. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú lẹ́tà 25 tí a ń kọ́ ọmọdé, ojú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Lẹ́tà Látìn tí a yá ló fa gbogbo rògbòdìyàn yìí. Fáwẹ́lì márùn-ún péré ló bá wa dé, a, e, i, o, u, bẹ́ẹ̀ méje tí a kì í fi imú pè ni Yorùbá ní. Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọ CMS wá fi àmì sábẹ́ e àti o kí wọ́n lè rí méjì tó kù, àpérò tí ìjọ náà ṣe ní Èkó lọ́dún 1875 sì fẹsẹ̀ irú àkọtọ́ yẹn múlẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wọn ò lo àmì abẹ́: ɛ ni wọ́n ń kọ dípò ẹ. Ẹni tó bá rí ɛbí àti ebi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀ ò lè sọ pé ohùn nìkan ló yà wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, kó mú ohùn ẹbí, kó gbé e lé “e” lórí, kó pè é ní “ebí”. Kò sí ará Ìbàdàn tàbí ará Ọ̀yọ́ tí yóò rò pé mọ̀lẹ́bí lò ń sọ. Wọ́n á ní kí o tún un sọ ni. “Èbi” náà ò sì ní ká dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Àyẹ̀wò kejì ni mo fẹ́ràn jù, torí pé èdè fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí. Fi “oní” ṣáájú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oní àti ebi di elébi, ẹni tí ebi ń pa. Oní àti ẹbí di ẹlẹ́bí, ẹni tó ní ẹbí. Oní àti ẹ̀bi di ẹlẹ́bi, ẹni tó jẹ̀bi. Wo bí “oní” ṣe ń bá fáwẹ́lì tó pàdé lọ: níbi tó ti bá e, ó di elé, níbi tó ti bá ẹ, ó di ẹlẹ́. Ká ní ọ̀rọ̀ kan náà ni ebi àti ẹbí, tí ohùn nìkan yà wọ́n, ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọn ì bá ní.

Wọn ò kúkú tinú ara wọn jáde. Inú “bí”, ti ìbímọ, ni ẹbí ti wá, bí òbí náà ṣe tibẹ̀ wá, ohùn òkè tó wà lórí “bí” ló sì gbé wá. Èyí ò kan ebi tí ń pa olóko.

Mi ò ní kí ohùn má ṣiṣẹ́ o. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohùn tirẹ̀: ebi jẹ́ re re, ẹbí jẹ́ re mí, ẹ̀bi jẹ́ dò re. Bóyá ìyẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ohùn nìkan bá tó láti fún ọ̀rọ̀ nítumọ̀, ìlù dùndún ò bá má ní wàhálà, torí ohùn lòun mọ̀, kò mọ fáwẹ́lì. Ní kí onílù lu “ó jẹ̀bi”: mí dò re ni. Ní kó lu “ó jàre”: mí dò re náà ni. Ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tó jàre, ìró kan náà ni lẹ́nu ìlù, torí ohùn kan náà ni ẹ̀bi àti àre ní. Ìdí nìyẹn tí àwọn àyàn kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lásán. Òwe tàbí oríkì tí etí ti mọ̀ ni wọ́n máa ń fi gbé e.

Ibi tí àmì ohùn ti ń dá iṣẹ́ ṣe gan-an ni àárín ẹbí àti ẹ̀bi. Ká ní àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ, pé “Ebi re ni”, láìsí àmì kankan. Ẹni tó kọ ọ́ lè máa sọ pé àlejò tó ń bọ̀ wá sílé rẹ bá ọ tan, ó sì lè máa sọ pé ìwọ lo fa ohun tó bàjẹ́. Bó bá fi àmì abẹ́ sí i, “Ẹbi rẹ ni”, a ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ bóyá ká tún yàrá ṣe dè é tàbí ká bẹ̀bẹ̀. “Ẹbí rẹ ni” àti “Ẹ̀bi rẹ ni” ló máa là á. Tí ọ̀lẹ bá ń ṣe ọ́ lórí fóònù, àmì abẹ́ ni kí o kọ́kọ́ rántí, lẹ́yìn náà lo wá máa ronú sí ohùn.

Àwọn olùkọ́ tó ń wá àpẹẹrẹ ohùn tí kò lábùkù, ẹ lo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Lẹ́tà ibẹ̀ ò yí padà rárá.

Ẹ sì kíyè sí ibì kan tó máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọsẹ̀. Wọ́n á há a sórí pé àmì ohùn ìsàlẹ̀ iwájú la fi ń mọ ẹ̀bi, wọ́n á wá rí “wọ́n dá a lẹ́bi”, wọn ò ní rí àmì ọ̀hún mọ́. “Ní ẹ̀bi” ló sún kì níbẹ̀, ohùn òkè “ní” sì ti gba orí ẹ. “Ó ní ẹbí” náà tún ń di “ó lẹ́bí”. Iwájú méjèèjì ti wá bára mu, lẹ́bi àti lẹ́bí, bi tó gbẹ̀yìn lo máa wò.