Ògì lásán kò tó àgbà

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Àgbà tí kò lè jẹun púpọ̀, ògì lásán ti tó o. Ẹ má fún un lẹ́yin."

Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ikùn kún yàtọ̀ sí kí ara rí purotéènì. Omi ló pọ̀ jù nínú ògì, àgbà tó wọn kílò 60 sì nílò bíi gíráàmù 60 sí 72 purotéènì lójúmọ́.

Ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun 4 mọ́ ife ògì kékeré: bíi gíráàmù 8 purotéènì nìyẹn. Ẹ wò ó lẹ́yìn agolo. Tó bá yá, ẹyin sísè kan, bíi gíráàmù 6. Lẹ́yìn náà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹja díẹ̀díẹ̀. Òróró ń fúnni lágbára, àmọ́ kò ní purotéènì.

Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, kó kọ́kọ́ bi dókítà.