Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kì í Ṣe Ti Ọjọ́ Ìpàdé

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Mi ò bá òwe náà jà. Bí ìyá ọkọ bá jí, tó rí i pé ìyàwó ilé kò tíì gbálẹ̀, tó wá ní, "Ilẹ̀ yìí mà mọ́ lónìí o," kò sí ohun tó tún kù tí yóò sọ. Ìgbálẹ̀ ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ìbáwí ni òwe yẹn wà fún, òun àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí a kò fẹ́ kí àlejò gbọ́. Àmọ́ mo rí i pé a ti ń fi pe ara wa sí ìpàdé, ibẹ̀ ni mo ti ní kí a dúró ná.

Ẹ jẹ́ ká pe obìnrin kan ní Ìyá Ràfíù. Ẹja yíyan ló ń tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, owó tó ti fi pamọ́ síbẹ̀ sì ti di náírà 100,000. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ yá owó lè gba ìlọ́po méjì ohun tó ní nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí onídùúró méjì sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ níṣojú gbogbo ilé. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń pín owó. Ẹni tí kò bá wá yóò san ìtanràn náírà 1,000, yóò sì dúró de oṣù mẹ́ta mìíràn. Fírísà ni Ìyá Ràfíù fẹ́ fi 200,000 rẹ̀ rà, ó tiẹ̀ ti bá ẹni tó ń tà á dúnàá-dúrà.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní aago 11:47, akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ báyìí: "Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ìpàdé wa di ọ̀la, aago mẹ́rin, ilé Alága. Ẹ má pẹ́ o."

Ìyá Ràfíù kò rí i. Ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà, kò sì sí ẹni tó tíì fi tuntun náà sínú gúrúùpù. Ìyá Bọ̀sẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lọ́jà ló ṣàánú rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kí Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé àwọn apẹja létí ọ̀sà, ó fọ́wọ́ọ̀dù ọ̀rọ̀ akọ̀wé sí i bó ṣe wà, kò fi ọ̀rọ̀ kan lé e. Aago 6:10 àárọ̀ nìyẹn. Ìyá Ràfíù ṣí fóònù, ó rí "Today" lókè, ó rí 6:10 nísàlẹ̀, ó rí "ọ̀la" láàárín. Òní Jímọ́ọ̀, ọ̀la Sátidé. Ta ni yóò kà á tí kò ní kà á bẹ́ẹ̀?

Ó gbé fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wọn ṣáájì, ó sì ko ẹja lójú títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn kan náà, ní aago mẹ́rin, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì jókòó sílé Alága, wọ́n ń pè é, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ìyá Bọ̀sẹ̀ náà ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ pé ó ń bọ̀, òun fúnra òun ni òun ránṣẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Ràfíù wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ sí Ayétòrò. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló débẹ̀. Ó yá ju ìpàdé lọ, ó sì pẹ́ ní odidi ọjọ́ kan. Àga oníke ti wà ní ìtòlérí lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń dúró de ẹni tó ni wọ́n kó wá kó wọn. Ìyàwó Alága ń fọ ìkòkò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Alága."

"Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá Ràfíù. Ṣé kò sí o? A ò rí yín lánàá."

"Lánàá kẹ̀?"

"Lánàá mà ni. Wọ́n ti pín owó."

Ìyá Ràfíù kò bá a jiyàn. Ó fa fóònù yọ nínú báàgì, ó ní kó wá wo ohun tí wọ́n kọ. Ìyá Alága kò rí dígí rẹ̀, ló bá pe ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé ìwé gíríámà. Ọmọ náà kà á sókè, ó sì dákẹ́ díẹ̀, ló bá ní, "Màmá, aago mẹ́fà ìdájí lèyí wọlé. Ta ló ń kí èèyàn ní 'Ẹ kú alẹ́' ní ìdájí?"

Ẹ ò rí i bí? Gbogbo ẹjọ́ náà wà nínú ìkíni. Yorùbá kì í kí ara rẹ̀ láìwo ojú ọ̀run. A ní ẹ káàárọ̀, a ní ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́, ẹ kú alẹ́. Ẹni tó bá kọ "Ẹ kú alẹ́" ti sọ ìgbà tó kọ ọ́, bí fóònù bá tiẹ̀ sọ nǹkan mìíràn. Ọmọ yẹn tún fi ọwọ́ kan ohun kékeré kan lórí ọ̀rọ̀ náà, ọfà tó tẹ̀ àti "Forwarded". Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti sùn níbòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Aago tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ aago ẹni tó fọ́wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ kì í bá a rìn. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lọ́tun ní gbogbo ilé tó bá dé, "ọ̀la" inú rẹ̀ sì ń sún síwájú pẹ̀lú rẹ̀. Bí Ìyá Ràfíù bá tún fọ́wọ́ọ̀dù rẹ̀ sí ẹlòmíràn ní Sátidé, ọjọ́ Àìkú ni onítọ̀hún ì bá wọ aṣọ ẹgbẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń fọ́wọ́ọ̀dù ọ̀rọ̀ ìpàdé ni mo fẹ́ sọ òwe kejì fún: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ ìgbà àtijọ́ tó gbéra ní ìrọ̀lẹ́, tó sun ojú ọ̀nà, tó wá dé ní àárọ̀, kò ní dé kó ní "Kábíyèsí ní ẹ wá lọ́la." Yóò yí i padà fúnra rẹ̀, yóò ní "lónìí ni wọ́n ń retí yín." Ìka tó ń tẹ fóònù kò lè ṣe ìyẹn. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ló yẹ kó ṣe é, kò sì ju kó kọ "lónìí yìí o" sábẹ́ rẹ̀ lọ. Àánú tó ṣe é dára, àmọ́ iṣẹ́ ẹrú ló jẹ́, kò fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé fóònù nìkan ló mọ iṣẹ́ yìí ṣe o. Ọ̀nà tí a gbà ń ka ọjọ́ náà lè fi ọjọ́ kan ṣáko. Àwọn bàbá wa máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n dúró lé mọ́ ọn. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọrún yẹn, ọjọ́ tó dífá wà nínú rẹ̀. Bó bá dífá lọ́jọ́ Ajé, Ajé ni ìkíní, Ìṣẹ́gun ni ìkejì, Ọjọ́rú ni ìkẹta, Ọjọ́bọ̀ ni ìkẹrin, Jímọ́ọ̀ ni ọrún pé. Ẹni tó bá fi márùn-ún lé Ajé bí ọmọ ilé ìwé yóò dé ní Sátidé, babaláwo yóò sì ti kó ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkómọ. Ọmọ tí a bí ní Sátidé, Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ mẹ́jọ rẹ̀ pé. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá ní ìpàdé di ọjọ́ mẹ́jọ òní, òní wà nínú mẹ́jọ náà. Ọ̀dọ́ tó bá tẹ ẹ̀rọ ìṣirò yóò pẹ́ ní ọjọ́ kan géérégé.

Òru náà ní tirẹ̀. Lójú fóònù, ọjọ́ ń yí ní aago méjìlá òru. Lójú ẹni tí kò tíì sùn, òní kò tíì tán títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lójú àwọn Mùsùlùmí, tó pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà òru tó ṣáájú ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni òru Jímọ́ọ̀. Ká ní akọ̀wé pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó kọ "ọ̀la" rẹ̀, ní aago 12:10, àwọn tó wà nínú gúrúùpù gan-an ì bá pín sí méjì.

Ohun tó yẹ kí akọ̀wé kọ kò gùn: "Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́." Orúkọ ọjọ́ àti oònkà rẹ̀ ní láti wà pa pọ̀, nítorí pé èkíní ń ṣọ́ èkejì. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì kọ "Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹtàlá", ẹnìkan yóò wo kàlẹ́ńdà, yóò sì béèrè èwo ni ká mú. Bó bá kọ "ọ̀la" nìkan, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti "aago mẹ́rin", ẹ fi ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí tì í, nítorí àwọn ẹlẹ́ja máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí.

Ó ku ìtanràn. Wọ́n ní kí Ìyá Ràfíù san náírà 1,000 rẹ̀, kó sì dúró de oṣù mẹ́ta. Ti oṣù mẹ́ta yẹn, mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i, owó ti pín. Àmọ́ bí wọ́n bá fi ẹjọ́ ìtanràn lọ̀ mí, màá ní kí akọ̀wé mú 600 wá, òun ló fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kí Ìyá Bọ̀sẹ̀ mú 300. Ọgọ́rùn-ún tó kù, kí Ìyá Ràfíù fi san owó "Ẹ kú alẹ́" tó kà ní ìdájí tí kò béèrè.