Ẹ yéé bi mí ìdí tí kọ̀ǹpútà ò fi ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́rú

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, ó ti sú mi o. Àtàárọ̀ lẹ ti ń pè mí lọ́kọ̀ọ̀kan, "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni pé pí-ó-ẹ́sì ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́rú, Mọ́mì, ṣé a ò ní tajà ni," ìwé tí mo lẹ̀ mára fíríìjì wá ńkọ́, ṣé mo lẹ̀ ẹ́ fún eṣinṣin ni? Ó dáa, mo ti jókòó, màá kọ gbogbo ẹ̀ síbí, ẹni tó bá tún bi mí lẹ́yìn èyí, ohun tójú ẹ̀ bá rí kó fara mọ́ ọn.

Àkọ́kọ́ ná, nǹkan méjì lẹ ń pè ní pí-ó-ẹ́sì. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀, ti báńkì nìyẹn, síìmù tiẹ̀ ló ń lò, nǹkan kan ò ní ṣe é. Èyí tó máa wà ní pípa ni kọ̀ǹpútà káńtà tẹ́ ẹ fi ń síkáànù ọjà, tó ń tẹ rìsíìtì. Ẹnì kan nínú yín lọ sọ fún kọ́sítọ́mà lánàá pé kéèṣì nìkan la máa gbà lọ́jọ́rú. Ta ló rán an? Káàdì á wọlé dáadáa, kakulétọ̀ lẹ máa fi ṣírò owó kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ìyẹn náà ló yàtọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé sáfà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró láti October 14, 2025. Àwọn tó ni sọ́fúwià tá a fi ń tajà ní ọ́pídéètì tuntun ò ní wọ orí ẹ̀. Mo ti ra kọ̀ǹpútà míì, ẹ má bi mí iye tí mo rà á, gbogbo àkọsílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kó lọ síbẹ̀, orúkọ ọjà, iye owó, iye tó kù, gbèsè àwọn kọ́sítọ́mà, gbogbo ẹ̀.

Ọ̀kan nínú yín wá ní ṣé wọn ò lè máa dà á kọ ká ṣì máa tà lọ ni. Ẹ gbọ́ o. Ká ní ẹnjiníà ti da àkọsílẹ̀ ìndómì kọ tán ní agogo mẹ́sàn-án àbọ̀, ẹ̀yin wá ta páálì kan ní agogo mẹ́wàá, orí sáfà àtijọ́ ni títà yẹn máa wọ̀, tuntun ò ní gbọ́ nípa ẹ̀ láéláé. Owó á wà nínú dúrọ́ọ̀, páálì ìndómì á ti lọ, kọ̀ǹpútà á ṣì máa bá mi jiyàn pé ó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà rìsíìtì náà ńkọ́? Ibi tí àdàkọ parí sí ni tuntun ti máa bẹ̀rẹ̀ kíkà, tó túmọ̀ sí pé rìsíìtì méjì máa ní nọ́ńbà kan náà, tí kọ́sítọ́mà bá wá dá ọjà padà, ti ta la fẹ́ fagi lé?

Ẹ sì rántí èyí tẹ́ ẹ ṣe fún mi nígbà ọ́pídéètì tó kọjá, torí ojú mi ṣì pọ́n. Ẹnì kan yọ wáyà súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ó fi fóònù ẹ̀ sí i kó lè gba iná. Káńtà kejì ò dúró o, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, tí kò bá rí sáfà á máa tà lọ, á máa tọ́jú gbogbo ohun tó tà sínú ara ẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Àmì tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ti kúrò ní gíríìnì, ẹ rí i, ẹ ò sọ̀rọ̀. Bí ẹnjiníà ṣe dé nìyẹn tó pa káńtà náà rẹ́ tó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sì bá a lọ. Nígbà tá a ka owó, ₦186,400 ló wà nínú dúrọ́ọ̀, kọ̀ǹpútà ní ₦121,900 la tà. Àwọn kan tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé owó lé. Owó wo ló lé! Ọjà ₦64,500 la ò mọ orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Mílíìkì alágolo, 31 ni kọ̀ǹpútà pè é, 19 ló wà lórí sẹ́ẹ̀fù. Ó sì yẹ kí kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé kí n lọ ra òmíì tó bá ti ku 10, lójú tiẹ̀ ọjà ṣì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mílíìkì ṣe tán lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ibi òde.

Torí ẹ̀, lálẹ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́sàn-án la máa tìlẹ̀kùn. Gbogbo bíìlì tẹ́ ẹ fi sí Hold nítorí kọ́sítọ́mà tó ní òun ń lọ mú owó nínú mọ́tò, ẹ parí ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fagi lé e. Ẹ wá wo káńtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó gbọ́dọ̀ hàn lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni `Pending Sync: 0`, ìyẹn ni pé kò sí títà kankan tí kò tíì dé sáfà. Tí ẹ bá rí 1 níbẹ̀, ẹ má pa á, ẹ pè mí. Tó bá di òdo ni kẹ́ ẹ tó tẹ rìpọ́ọ̀tù ọjọ́ náà jáde, kẹ́ ẹ sì pa gbogbo ẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé kí la ò ṣe ṣe é lóru, òru la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá dà rú ní agogo méjì òru, ta lẹ fẹ́ pè nídìí sọ́fúwià yẹn? Ìparí ọ̀sẹ̀ ò ṣeé ṣe, ìparí oṣù tí wọ́n sanwó oṣù ò ṣeé ṣe. Ọjọ́rú ni ọjà ń tutù jù, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo sì bẹ yín, orí ínfátà ni sáfà méjèèjì máa wà, torí tí iná bá lọ níbi tí wọ́n ti ń da àkọsílẹ̀ kọ, ó lè bà jẹ́ láàárín. Ẹni tí mo bá rí tó fi kẹ́tùlù gbomi gbóná lórí ínfátà yẹn láàárọ̀, èmi àti ẹ̀ ni o.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, búùkù rìsíìtì oníkábọ́ọ̀nù lẹ máa lò. Iye owó ọjà ti wà nínú ìwé tí mo máa tẹ̀ síta, kí ẹnikẹ́ni má dá iye sọ lórí. Ẹ má kọ "mílíìkì 3" fún mi! Mílíìkì wo? Alágolo ni àbí ọlọ́ràá, kékeré ni àbí ńlá, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lára èyí tí kì í ṣe òun, méjèèjì ló máa ṣìnà, ìkan á dín, ìkan á lé. Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ bó ṣe tóbi tó, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lábẹ́ báákóòdù, ẹ kọ bóyá kéèṣì ni, káàdì ni, tàbí tiránsífà. Tiránsífà, kí àlááàtì wọ fóònù ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó gbé ọjà, ẹ má wo ti fóònù tiẹ̀. Kò sí gbèsè lọ́jọ́ yẹn, torí inú kọ̀ǹpútà ni gbèsè àwọn èèyàn wà, a ò ní lè wò ó. A ò sì ní gba ọjà padà, ẹ ní kí wọ́n wá lọ́jọ́bọ̀.

Tó bá di nǹkan bí agogo méjìlá, ẹnjiníà á fi rìpọ́ọ̀tù alẹ́ Ìṣẹ́gun wé ohun tó wà lórí tuntun, èmi fúnra mi á síkáànù àwọn ọjà kan kí n rí i bóyá iye owó àti iye tó kù bára mu. Kó tó dìgbà tí mo bá ní ó yá, kí ẹnikẹ́ni má tan káńtà. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á máa ka búùkù, ẹnì kan á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ tán kẹ́ ẹ máàkì í, torí ẹ ti tẹ ìkan lẹ́ẹ̀mejì rí. Ẹni tó wà ní káńtà kejì, ìwọ lo máa kà. Fóònù ẹ ńkọ́? Gbà á níná nílé kó o tó wá.